Lílẹ Àtẹ́lẹ̀ Bàtà Tó Yanu

Lílẹ àtẹ́lẹ̀ bàtà tó yanu ni iṣẹ́ dídá àtẹ́lẹ̀ bàtà tó ti ṣí kúrò lára awọ òkè padà sí àyè rẹ̀. Ó pín sí ọ̀nà mẹ́ta: mímú ojú ibi tó ṣí mọ́ kí ó sì há, yíyan gọ́ọ̀mù tó bá ohun tí wọ́n fi ṣe àtẹ́lẹ̀ náà mu, àti dídi bàtà náà pinpin títí gọ́ọ̀mù yóò fi gba agbára. Àwọn aṣebàtà, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè ní ṣúmékà, ni wọ́n sábà máa ń ṣe é, ṣùgbọ́n a lè ṣe é nílé pẹ̀lú ohun èlò díẹ̀.

Ní ilẹ̀ Yewa ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, láti Ìlaròó dé Ayétòrò àti àwọn ìlú ẹnu ibodè bí Ìdí-Ìrókò, oríṣi bàtà méjì ló wọ́pọ̀ nínú èyí tó ń yanu. Èkíní ni bàtà tuntun olówó pọ́ọ́kú, irú èyí tí àwọn ọmọ ilé-ìwé ń wọ̀, tó jẹ́ pé gọ́ọ̀mù nìkan ló so àtẹ́lẹ̀ mọ́ òkè rẹ̀, tí kò ní okùn kankan. Èkejì ni bàtà àlòkù, tí a mọ̀ sí òkìrìkà, tó ti pẹ́ ní ilé ìkó-ẹrù kí ó tó dé ọjà. Ìdí tí oríṣi méjèèjì fi ń yanu kì í sábà jẹ́ ọ̀kan náà, nítorí náà àtúnṣe wọn kò lè jẹ́ ọ̀kan náà.

== Ìdí tí àtẹ́lẹ̀ fi ń ṣí ==

Gọ́ọ̀mù lágbára púpọ̀ bí a bá ń fa ohun méjì tó lẹ̀ pọ̀ lórí ara wọn, nítorí pé gbogbo ojú tó lẹ̀ ló jọ ń gba ẹrù náà. Ṣùgbọ́n bí a bá ń bó wọn láti etí kan, ìlà tín-ín-rín kan ṣoṣo ló ń gba gbogbo agbára náà, bí ìlà yìí bá sì já, èyí tó tẹ̀ lé e yóò gbà á. Bí a ṣe ń bó bébà kúrò lára ògiri nìyẹn: a kò lè fà á kúrò lẹ́ẹ̀kan náà, ṣùgbọ́n bí èékánná bá ti ráyè wọ igun rẹ̀, ìyókù yóò tẹ̀ lé e.

Orí bàtà ni igun náà. Nígbà tí ènìyàn bá ń rìn, bàtà máa ń tẹ̀ ní ibi tí ọmọ ìka ẹsẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀, orí rẹ̀ a sì máa gbá òkúta àti ẹnu ọ̀nà. Ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan ń gbìyànjú láti bó àtẹ́lẹ̀ láti iwájú lọ sẹ́yìn. Bí ẹnu bá ti là díẹ̀, iyanrìn àti ilẹ̀ pupa yóò wọ inú rẹ̀, wọn yóò sì máa la ẹnu náà sí i bí ẹni ń fi èèkàn la igi. Ìdí nìyí tí ihò kékeré tó fẹ̀ tó sẹ̀ńtímítà 1 fi lè di sẹ̀ńtímítà 6 láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ bí a kò bá tọ́jú rẹ̀.

Omi àti oòrùn ló ń ṣe ìyókù. Awọ tó mu omi òjò máa ń wú, bí a bá sì sá a sí oòrùn gangan yóò súnkì. Àtẹ́lẹ̀ rọ́bà kì í wú bẹ́ẹ̀, kì í sì í súnkì bẹ́ẹ̀, nítorí náà àwọn méjèèjì ń fa gọ́ọ̀mù tó wà láàárín wọn sọ́tùn-ún àti sósì. Ooru òrùlé páànù tàbí ti inú ọkọ̀ tí a tì pa sínú oòrùn tún máa ń sọ ọ̀pọ̀ gọ́ọ̀mù di rírọ̀.

== Wíwo ojú méjèèjì ==

Kí a tó ra gọ́ọ̀mù, ó yẹ kí a la ẹnu bàtà náà sí ìmọ́lẹ̀ kí a sì wo ojú méjèèjì, ti awọ òkè àti ti àtẹ́lẹ̀, nítorí pé ibi tí gọ́ọ̀mù àtijọ́ wà ló ń sọ ohun tó ṣẹlẹ̀.

Bí gbogbo gọ́ọ̀mù bá wà lára àtẹ́lẹ̀, tí awọ òkè sì mọ́ tó ń dán, a jẹ́ pé gọ́ọ̀mù kò di awọ mú rárá. Ẹni tó ṣe bàtà náà kò họ ojú awọ tó dán kúrò kí ó tó kun gọ́ọ̀mù. Bí ó bá jẹ́ ara àtẹ́lẹ̀ ló mọ́, tí gọ́ọ̀mù sì wà lára awọ, àtẹ́lẹ̀ ni kò gba gọ́ọ̀mù náà, ó sì ṣeé ṣe kí ó jẹ́ àtẹ́lẹ̀ oníke tí irú gọ́ọ̀mù bẹ́ẹ̀ kò bá mu.

Bí gọ́ọ̀mù bá wà lára ojú méjèèjì, tó sì fà bí oje, gọ́ọ̀mù fúnra rẹ̀ ló já láàárín, bóyá nítorí ooru, nítorí pé wọ́n kùn ún nípọn jù, tàbí nítorí pé òróró inú àtẹ́lẹ̀ ti sọ ọ́ di rírọ̀. Bí fọ́nrán awọ bá lẹ̀ mọ́ gọ́ọ̀mù, gọ́ọ̀mù kò jẹ̀bi: awọ ló ti jẹrà tó sì ya. Bí àtẹ́lẹ̀ bá sì ń rún sí ọwọ́ bí búrẹ́dì gbígbẹ, kò sí gọ́ọ̀mù tó lè tún un ṣe. Ìdí rẹ̀ wà ní ìparí àpilẹ̀kọ yìí.

== Yíyan gọ́ọ̀mù ==

Gọ́ọ̀mù tó wọ́pọ̀ jù lọ́wọ́ àwọn ṣúmékà ni èyí tó wà nínú agolo, tó ní àwọ̀ ìyeyè tàbí ti oyin, tó sì ní òórùn líle. Rọ́bà kan tí wọ́n ń pè ní pọlikíloropirín ni wọ́n yọ́ sínú omi tó ń tètè fò lọ. Ilé-iṣẹ́ Dupọ́ǹtì ní Amẹ́ríkà ló kọ́kọ́ ṣe rọ́bà yìí ní ọdún 1930. Ojú méjèèjì ni a ń kùn ún sí, a óò jẹ́ kí ó gbẹ, lẹ́yìn náà ni a óò pa wọ́n pọ̀, wọn yóò sì di ara wọn mú lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ó dára fún awọ, aṣọ líle àti rọ́bà. Ó máa ń tẹ̀ pẹ̀lú bàtà láìfọ́, ohun tí iwájú bàtà sì nílò nìyẹn.

Àléébù rẹ̀ ni pé kò bá àtẹ́lẹ̀ oníke rírọ̀ gbé. Òróró kan wà nínú irú ike bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ń sọ ọ́ di rírọ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni òróró yìí ń jò wọ inú gọ́ọ̀mù, tí yóò sì sọ ọ́ di ohun tó ń fà bí oje. Àtúnṣe náà lè dára lọ́jọ́ kìíní, kí ó tún yanu lẹ́yìn oṣù díẹ̀. Gọ́ọ̀mù pọliyuritéènì ni ó yẹ fún irú àtẹ́lẹ̀ yìí, nítorí pé òróró náà kì í tètè bà á jẹ́. Lẹ́yìn tí ó bá gbẹ lójú méjèèjì, ooru ni a fi ń jí ọ̀pọ̀ oríṣi rẹ̀ kí a tó pa wọ́n pọ̀. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbẹ irun tó láti ṣe é. Ohun tí wọ́n kọ sí ara agolo ni kí a tẹ̀ lé nípa ìwọ̀n ooru àti àsìkò.

Láti mọ̀ bóyá àtẹ́lẹ̀ jẹ́ rọ́bà gidi tàbí ike, a lè fi abẹ́rẹ́ gbígbóná kan ibi tó fara sin lára rẹ̀, níta gbangba níbi tí afẹ́fẹ́ wà. Ike yóò yọ́, abẹ́rẹ́ yóò sì wọlé wẹ́rẹ́; rọ́bà gidi kì í yọ́, yóò kàn rú èéfín díẹ̀ ni. Sáńpépà náà ń fi ìyàtọ̀ hàn: ìyẹ̀fun ló ń jáde lára rọ́bà, ṣùgbọ́n ike máa ń fà lábẹ́ sáńpépà.

Gọ́ọ̀mù kékeré tó ń mú lójú ẹsẹ̀, tí a mọ̀ sí súpà gúlúù, ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń kọ́kọ́ sáré mú. Ó ń mú ohun líle pọ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n bí ó bá gbẹ, ó máa ń le bí awẹ́ gíláàsì. Nígbà tí bàtà bá tẹ̀, kì í tẹ̀. Ńṣe ló máa ń là. Èyí tó sì burú jù ni pé èérún rẹ̀ tó le yóò wà lára awọ, yóò sì dí gọ́ọ̀mù tó dára lọ́wọ́ nígbà àtúnṣe kejì. Ojú ìgbẹ̀yìn bàtà tí kì í tẹ̀ nìkan ni ó yẹ.

== Àpẹẹrẹ kan: bàtà aláwọ tí iwájú rẹ̀ ṣí ==

Ká ní bàtà dúdú aláwọ kan, tó ní àtẹ́lẹ̀ rọ́bà, ti yanu ní orí dé sẹ̀ńtímítà 6 ní oṣù Òkúdù, nígbà tí òjò ń rọ̀ gidi ní Ìlaròó. Nígbà tí a wò ó, gbogbo gọ́ọ̀mù àtijọ́ wà lára àtẹ́lẹ̀, awọ òkè sì ń dán. Ìdájọ́ rẹ̀ ni pé awọ ni iṣẹ́ wà lára rẹ̀, gọ́ọ̀mù aláwọ̀ ìyeyè sì yẹ ẹ́.

Gbígbẹ ló ṣáájú. A óò ki bébà gbígbẹ sínú bàtà, a óò gbé e sí ibòji tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ fún ọjọ́ kan, a kì yóò sì gbé e sẹ́bàá iná. Lẹ́yìn èyí, a óò pa ẹnu rẹ̀ dé, a óò fi bírò fa ìlà tín-ín-rín sára awọ ní ibi tí etí àtẹ́lẹ̀ dé, kí a má baà họ ibi tí ojú yóò máa rí. A óò tún fi ọwọ́ fa ẹnu náà díẹ̀ sí i, títí yóò fi dé ibi tó dì mú ṣinṣin. Ibi tó ti ń rọ̀ lẹ́yìn ihò náà gbọ́dọ̀ ṣí, nítorí pé bí a bá lẹ iwájú rẹ̀ nìkan, ẹ̀yìn yóò tún bó.

A óò gbọn iyanrìn jáde, a óò fi ọ̀bẹ tó kú họ gọ́ọ̀mù àtijọ́ tó bá ń ṣí, a óò sì fi sáńpépà nọ́ńbà 80 họ ojú awọ títí dídán rẹ̀ yóò fi tán tí fọ́nrán kéékèèké yóò sì dìde. Kì í ṣe kí a họ ọ́ dé ibi tí yóò fi di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. A óò họ ojú rọ́bà náà títí yóò fi pòfóró. A óò fi búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ gbá ìyẹ̀fun kúrò, a óò fi aṣọ funfun tó tutù pẹ̀lú tínà díẹ̀ nù ún, a óò sì fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 10. Láti ìgbà yìí lọ, ìka ọwọ́ kò gbọ́dọ̀ kan ibẹ̀ mọ́, nítorí òróró ara.

Awọ máa ń mu gọ́ọ̀mù, nítorí náà a óò kọ́kọ́ kùn ún lọ́nà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sára awọ nìkan, a óò sì dúró fún nǹkan bí ìdajì wákàtí. Lẹ́yìn náà ni a óò kun ojú méjèèjì, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bákan náà, dé etí pátápátá. Gọ́ọ̀mù tó nípọn kì í lágbára ju èyí tó fẹ́lẹ́. Òkè rẹ̀ a gbẹ, inú rẹ̀ a sì wà ní tútù.

Ibi tí ọ̀pọ̀ àtúnṣe ti ń bàjẹ́ ni àsìkò ìdúró yìí. Ìṣẹ́jú 10 sí 20 ló sábà máa ń gbà, ṣùgbọ́n aago kọ́ ni a fi ń mọ̀ ọ́n. A óò fi ẹ̀yìn ìka kan gọ́ọ̀mù náà ní etí: bí ó bá ń fà bí ewédú, kò tíì tó, bí ó bá di ìka díẹ̀ mú ṣùgbọ́n tí kò fi nǹkan kan sílẹ̀ lára rẹ̀, ó ti tó. Bí a bá pa á pọ̀ nígbà tó ṣì tutù, omi inú rẹ̀ kò ní rí ọ̀nà jáde láàárín rọ́bà àti awọ, àárín náà yóò sì máa rọ̀ fún ọjọ́ púpọ̀.

Ní àsìkò òjò, ewu mìíràn tún wà. Bí omi inú gọ́ọ̀mù ṣe ń fò lọ, ó ń mú ojú gọ́ọ̀mù tutù, ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ sì lè sẹ̀ sórí rẹ̀ bí ìrì. A óò rí i pé ojú gọ́ọ̀mù funfun díẹ̀, bí ìgbà tí èémí bá bo gíláàsì. Kí a má ṣe pa á pọ̀ bẹ́ẹ̀. A óò fi atẹ́gùn gbígbóná ẹ̀rọ ìgbẹrun fẹ́ ẹ lọ́ọ́kán títí funfun náà yóò fi pòórá. Ní ìgbà ọyẹ́, òdìkejì ló ń ṣẹlẹ̀: gọ́ọ̀mù a tètè gbẹ kọjá ààlà, kò sì ní di ara rẹ̀ mú mọ́. A lè fi ooru jí i, bí kò bá sì jí, a óò tún kun ọ̀kan fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sí i.

Nígbà tí ó bá tó, a óò bẹ̀rẹ̀ pípa á pọ̀ láti ẹ̀yìn, níbi tí àtẹ́lẹ̀ ti ṣì dì mọ́ òkè, a óò sì máa tẹ̀ ẹ́ bọ̀ síwájú dé orí bàtà, kí afẹ́fẹ́ má baà há sí àárín. Ìlà bírò ni a óò máa wò, nítorí pé ojú méjèèjì tó bá ti pàdé kò ní ṣeé sún mọ́.

== Dídì bàtà ==

Irú gọ́ọ̀mù yìí nílò agbára ìtẹ̀ níbẹ̀rẹ̀ ju ìtẹ̀ pẹ́lẹ́pẹ́lẹ́ tó pẹ́ lọ. Ìdí nìyí tí ṣúmékà fi máa ń fi hámà lu bàtà lórí irin ẹsẹ̀ rẹ̀ lẹ́yìn tó bá pa á pọ̀. Ẹni tí kò ní irin ẹsẹ̀ lè ki àkísà sínú orí bàtà pinpin, kí ó gbé e lé igi, kí ó sì fi hámà lù ú wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ láti àárín lọ sí etí. Bí inú bàtà bá ṣófo, ńṣe ni awọ yóò máa rì lábẹ́ hámà, gọ́ọ̀mù kò sì ní rí ìtẹ̀ kankan.

Lẹ́yìn lílù ni dídì, nítorí pé awọ àti rọ́bà tó ti yanu fún ìgbà pípẹ́ máa ń fẹ́ padà sí bí wọ́n ṣe wà. Ohun tó dára jù ni rọ́bà inú táyà kẹ̀kẹ́ tàbí ti ọ̀kadà, tí a gé ní gbọọrọ, kí ó fẹ̀ tó sẹ̀ńtímítà 2.5 kí ó sì gùn tó mítà 1. Nítorí pé ó ń fà, ó máa ń tẹ̀ lé ìrísí bàtà, ó sì ń tẹ gbogbo ibi bákan náà. A óò kọ́kọ́ gbé e láti gìgísẹ̀ gba abẹ́ àtẹ́lẹ̀ yí orí bàtà ká padà sẹ́yìn, kí orí náà má baà yọ́ jáde. Lẹ́yìn náà ni a óò máa wé e yí bàtà ká láti àárín lọ síwájú, kí ìwé kọ̀ọ̀kan bo ìdajì èyí tó ṣáájú rẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ le débi pé etí àtẹ́lẹ̀ ti pàdé awọ yíká, ṣùgbọ́n kí ó má le tó bẹ́ẹ̀ tí àtẹ́lẹ̀ yóò fi ká. Wákàtí 24 ni a óò fi sílẹ̀ níbòji, bí afẹ́fẹ́ bá sì kún fún ọ̀rinrin, ọjọ́ méjì ló dára.

Gbígbé òkúta tàbí búlọ́ọ̀kù lé bàtà lórí kì í ṣe ìdípò èyí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó wọ́pọ̀ nílé. Orí bàtà kì í tẹ́ sílẹ̀. Ó máa ń gbé sókè díẹ̀. Òkúta yóò tẹ̀ ẹ́ tẹ́, gọ́ọ̀mù yóò sì gba agbára ní ipò yẹn. Nígbà tí a bá gbé òkúta kúrò, orí bàtà yóò fẹ́ gbé sókè padà, yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í bó gọ́ọ̀mù tuntun láti ọjọ́ kìíní. Okùn tín-ín-rín náà kò dára, nítorí pé ojú ibi tó gbà nìkan ló ń tẹ̀, ó sì máa ń fi àpá sára awọ.

Lẹ́yìn tí a bá tú u, a óò fi etí bébà wá ẹnu yíká ibi tí a lẹ̀. Bí bébà bá wọlé níbì kan, ibẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ ṣí. A óò la ibẹ̀ nìkan, a óò tún kùn ún, a óò sì tún un dì. Bí bébà kò bá wọlé, a óò fi ọwọ́ tẹ bàtà náà bí ẹsẹ̀ ṣe máa ń tẹ̀ ẹ́, a óò sì tún wò ó. Fún bàtà tí yóò máa rìn púpọ̀, bí etí àtẹ́lẹ̀ bá nípọn tó, ṣúmékà lè fi òwú ọ̀rá rán an yíká lẹ́yìn tí gọ́ọ̀mù bá ti gbẹ. Òwú ni yóò máa dènà bíbó, gọ́ọ̀mù ni yóò sì máa dènà omi.

== Ìṣọ́ra ==

Omi inú gọ́ọ̀mù àti tínà máa ń gbiná kíákíá, òórùn rẹ̀ sì lè rìn lọ bá iná sítóòfù tó wà níwájú. Ìta tàbí ibi tí fèrèsé ti ṣí ni kí a ti lò ó, jìnnà sí iná, sìgá àti àwọn ọmọdé. Bí a bá fẹ́ lo ẹ̀rọ ìgbẹrun, kí a pa agolo dé, kí a sì gbé e kúrò nítòsí, kí òórùn tó wà nínú afẹ́fẹ́ sì kọ́kọ́ fò lọ. Fífa òórùn náà sínú fún ìgbà pípẹ́ ń fa orí fífọ́ àti òòyì, àwọn oríṣi kan sì lè ba iṣan ọwọ́ àti ẹsẹ̀ jẹ́ fún ẹni tó ń fi í ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́.

== Ibi tí gọ́ọ̀mù kò lè dé ==

Ọ̀pọ̀ bàtà òkìrìkà, pàápàá bàtà eré ìdárayá àti bàtà ìrìn àjò, ní àtẹ́lẹ̀ fóòmù pọliyuritéènì. Ó fúyẹ́, ó sì rọ ẹsẹ̀ lọ́rùn, ṣùgbọ́n ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ ń já ìsopọ̀ inú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ibi tó bá sì gbóná ni ó ti ń yára jù. Kò dìgbà tí a bá wọ bàtà náà. Bí ó bá wà nínú páálí fún ọ̀pọ̀ ọdún, iṣẹ́ náà ń lọ. Òkè rẹ̀ lè dà bí tuntun nígbà tí àtẹ́lẹ̀ rẹ̀ ti kú, tí yóò sì já lójijì ní ọ̀sẹ̀ kìíní tí ẹni tó rà á bẹ̀rẹ̀ sí í rìn nínú rẹ̀.

Kí a tó sanwó bàtà àlòkù, ó yẹ kí a fi èékánná àtàǹpàkò tẹ ẹ̀gbẹ́ fóòmù náà gidigidi, kí a sì tẹ bàtà náà sí méjì. Fóòmù tó dára yóò gbéra padà. Èyí tó ti kú yóò gba àmì èékánná láìgbéra padà, yóò lẹ̀ mọ́ ọwọ́, tàbí kí ó là fín-ín-fín-ín ní ibi tó ti tẹ̀. Bí a bá kun gọ́ọ̀mù sí irú fóòmù bẹ́ẹ̀, gọ́ọ̀mù náà yóò di awọ̀ òde fóòmù mú dáadáa, ṣùgbọ́n abẹ́ awọ̀ òde náà yóò tún rún. Ohun tó kù ni kí ṣúmékà gé àtẹ́lẹ̀ náà kúrò pátápátá kí ó sì fi tuntun sí i, bí òkè bàtà bá tó bẹ́ẹ̀ ní iye. Oríṣiríṣi àtẹ́lẹ̀ tuntun wà ní ọjà ohun èlò bàtà ní Múṣin ní Èkó. Bí òkè rẹ̀ náà bá ti ń ya, owó gọ́ọ̀mù àti ti iṣẹ́ yóò ṣòfò lórí rẹ̀.